Ẹ̀bẹ̀, Ẹ̀bi àti Ètò Àtúnṣe: Ìtúpalẹ̀ Ímeèlì Ìtọrọ-Àforíjì Ejẹ́ńtì Èbúté ní Ìjọ́rà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nǹkan méjì ni òwe yìí so pọ̀: kí ẹni tó ṣẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, àti kí ó fi ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá wáyé lójúkojú, ara máa ń sọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹnu kò sọ. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lè má sọ ju “ẹ jọ̀ọ́” lọ kí wọ́n tó ní kó dìde. Bí ó bá sì rí i pé ọwọ́ òun nìkan kò ká ọ̀rọ̀ náà, yóò bẹ àgbà kan kí ó bá òun lọ, ọ̀rọ̀ àgbà náà yóò sì dí àlàfo tó wà nínú tirẹ̀.

Ímeèlì kò ní orúnkún, kò sì ní àgbà tí ń bá a rìn. Ohun tí òǹkọ̀wé bá tẹ̀ síbẹ̀ nìkan ni oníbàárà yóò rí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ gbólóhùn ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́nu fi máa ń kùnà nígbà tí wọ́n bá di kíkọ sílẹ̀: wọ́n kún fún ìtẹríba, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹni tó jẹ̀bi, wọn kò sì sọ ìgbà tí nǹkan yóò tún ṣe. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé nínú ímeèlì tí a kọ lẹ́yìn tí gbèdéke ti yẹ̀, gírámà ni ó gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀bi, ọjọ́ àti iye sì ni ó gbọ́dọ̀ gbé àtúnṣe. Iṣẹ́ ejẹ́ńtì tó ń bá ni gba ẹrù ní èbúté Àpápá ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀, ọjọ́ kan tó bá yẹ̀ máa ń di owó ní kíákíá.

Gbèdéke ní Ìjọ́rà

Ẹnu ọ̀nà Àpápá ni Ìjọ́rà wà. Afárá rẹ̀ wà lára ọ̀nà tí tírélà ń gbà dé èbúté, ibẹ̀ náà sì ni ibùdó kọ̀ǹtéénà Lílípọ́ǹdì wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà fi ń tò sórí àwọn afárá àti ọ̀nà agbègbè yìí, tí awakọ̀ ń sun inú ọkọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó wọ èbúté. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó àwọn èbúté ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ ayélujára kan tí wọ́n sọ ní Ètò, orúkọ tí etí Yorùbá kò lè ṣì gbọ́. Lábẹ́ ìlànà náà, tírélà kò gbọdọ̀ dojú kọ èbúté àyàfi bí wọ́n bá ti gba àyè fún un. Inú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ni yóò ti dúró de àsìkò tirẹ̀.

Nítorí náà, ejẹ́ńtì tó bá ṣèlérí ọjọ́ fún oníbàárà ní ju ẹyọ iṣẹ́ kan lọ láti mójú tó. Àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ẹrù, ibùdó kọ̀ǹtéénà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbẹ́rù, tírélà sì gbọ́dọ̀ ní àyè. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá pẹ́, oríṣi owó méjì ni yóò máa lé. Èkíní ni owó ibi ìkẹ́rùsí, tí ibùdó kọ̀ǹtéénà ń gbà nítorí pé ẹrù jókòó sí ilẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni owó ìdádúró tí àwọn ará èbúté ń pè ní dímọ́réèjì, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń gbà nítorí pé kọ̀ǹtéénà rẹ̀ kò tíì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní iye ọjọ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ń ka owó lójoojúmọ́. Oníbàárà tó gba ímeèlì ìtọrọ-àforíjì mọ èyí dáadáa. Bí ó ti ń kà á ni ó ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí a gbé kalẹ̀ fún ìtúpalẹ̀ nìkan. Ìyá oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ra ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá láti òkè òkun. Ejẹ́ńtì kan ní Ìjọ́rà ṣèlérí pé ẹ̀rọ náà yóò dé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹtì, ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, nítorí pé ẹnjiníà kan ń bọ̀ láti Kánò láti bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8. Ìwé ìgbẹ́rù jáde ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4. Dípò kí òṣìṣẹ́ gba àyè tírélà lọ́jọ́ náà, ìwé jókòó sórí tábìlì títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6. Àyè tó kù nígbà náà bọ́ sí Ajé, ọjọ́ 10. Láti Ọjọ́bọ̀ náà ni ọ̀gá ọ́fíìsì ti mọ̀ pé ìlérí kò lè ṣẹ mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ẹnjiníà wọkọ̀ láti Kánò ní àárọ̀ Ẹtì. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni ọ̀gá ọ́fíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó láti kọ ímeèlì.

Ímeèlì àkọ́kọ́

Irú ìwé tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọwọ́ ẹni tí ojú ń tì nìyí:

> Kókó: Nípa ẹrù yín
>
> Ẹ̀yin Màmá wa,
>
> Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, nípa ẹrù yín tí kò tíì dé. Bí ẹ ti mọ̀, ọ̀rọ̀ Àpápá kò ṣeé sọ tán. Wọn kò tètè gba àyè fún tírélà, gbèdéke sì ti kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé nǹkan kan kò ṣe ẹrù náà. A ó gbé e dé láìpẹ́.
>
> Àwa ọmọ yín.

Kò sí àfojúdi kankan nínú ìwé yìí. Síbẹ̀, bí ìyá náà bá kà á tán, kò ní rí ẹyọ gbólóhùn kan tó gbà pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo “ẹ pẹ̀lẹ́” ná. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà ni a ń sọ ọ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Ìbánikẹ́dùn ni. “Ẹ kú ìfaradà” náà rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ìkíni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kú” ń jẹ́rìí sí ipò tí ẹni tí a ń kí wà, kò sì sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Bí ẹni tó fa ìdádúró bá lo méjèèjì láìfi nǹkan mìíràn tì í, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ń kọjá lọ. “Ẹ má bínú” sàn díẹ̀, nítorí pé ó gbà pé ìdí wà fún ìbínú. Ṣùgbọ́n “mo tọrọ àforíjì” àti “ẹ forí jì mí” nìkan ni ó mú ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ wá, torí pé a kì í forí ji ẹni tí kò ṣẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ olùwà. “Gbèdéke ti kọjá” fi àsìkò ṣe olùwà, bí ẹni pé gbèdéke fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. “Wọn kò tètè gba àyè” lo “wọn” aláìlójú, ọ̀nà tí Yorùbá fi ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ láìdárúkọ olùṣe. Nínú ìròyìn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Nínú ẹ̀bẹ̀, aṣọ ìbora ni. Èdè wa ní irinṣẹ́ tó tú aṣọ náà: “a jẹ́ kí gbèdéke kọjá” dá olùṣe padà sí ipò rẹ̀, “àwa ni a jẹ́ kí gbèdéke kọjá” sì fi “ni” pe àkíyèsí sí i, tí ẹlòmíràn kò fi lè pín nínú ẹ̀bi náà mọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín “a” àti “mo” pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ni ó gbé iṣẹ́, nítorí náà “a” bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà mu. Ẹnì kan ni ó ń bẹ̀bẹ̀, nítorí náà “mo” ni ó bá ẹ̀bẹ̀ mu.

Ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni ó ṣeé ṣe kí ó bí ìyá náà nínú jù. Nínú àṣà wa, ọ̀rọ̀ bí “a dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ” jẹ́ ti ẹni tí nǹkan ṣe, tàbí ti ẹni tó wá kí i. Bí ó bá ti ẹnu ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ jáde, ó ti bá ẹlòmíràn dárí ji ara rẹ̀. “Ẹ ṣe sùúrù” náà ń pa iṣẹ́ fún ẹni tó ti ń ṣe sùúrù bọ̀. “Àwa ọmọ yín” sì ń ké sí ìfẹ́ ìyá sí ọmọ kí ó wá ṣe iṣẹ́ tí àlàyé kò ṣe.

Ímeèlì kejì

Kí ìwé kejì tó lọ, ó yẹ kí ọ̀gá ọ́fíìsì kọ́kọ́ pe ìyá náà lórí fóònù. Àgbà kò yẹ ní ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ ka ìròyìn burúkú nígbà tí a lè fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Ipe náà ni yóò gbé ìkíni gígùn àti ohùn ìrẹ̀lẹ̀, ímeèlì yóò sì wá jẹ́ àkọsílẹ̀ tí oníbàárà lè fi han akọ̀wé owó rẹ̀ àti ẹnjiníà rẹ̀.

> Kókó: Ẹ̀rọ yín kò dé ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta: ẹ̀bẹ̀ àti ètò àtúnṣe
>
> Ẹ̀yin Màmá wa,
>
> A ṣèlérí pé ẹ̀rọ yín yóò dé Ìbàdàn ní Ẹtì, ọjọ́ 7, oṣù Kẹta. Kò dé, àwa ni a sì fà á. Ìwé ìgbẹ́rù jáde ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4, ṣùgbọ́n a kò gba àyè tírélà títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6. Àyè tí a rí nígbà náà jẹ́ ti Ajé, ọjọ́ 10. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀, n kò sì sọ fún yín. Ìdákẹ́ mi ni kò jẹ́ kí ẹ lè dá ẹnjiníà yín dúró ní Kánò. Mo tọrọ àforíjì fún méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.
>
> Ètò tí a ti ṣe nìyí:
>
> 1. Ajé, ọjọ́ 10: tírélà yóò wọ èbúté ní àsìkò tí a ti gbà fún un. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti fóònù awakọ̀ yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù.
> 2. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ajé, yálà ọkọ̀ ti jáde tàbí kò tíì jáde, n ó pè yín fúnra mi. Bí kò bá tíì jáde, ọjọ́ ìdé yóò di Ọjọ́rú, ọjọ́ 12.
> 3. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11: ẹ̀rọ yóò dé ilé-iṣẹ́ yín kí aago méjì ọ̀sán tó lù.
> 4. Owó ibi ìkẹ́rùsí àti dímọ́réèjì láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10, ọjọ́ mẹ́rin, di tiwa. Owó òtẹ́ẹ̀lì ẹnjiníà fún òru Àbámẹ́ta, Àìkú àti Ajé náà di tiwa. A ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́ wa. Bí ẹ̀rọ bá di Ọjọ́rú, àfikún ọjọ́ náà di tiwa pẹ̀lú.
>
> Láti òní lọ, ọjọ́ tí ìwé ìgbẹ́rù bá jáde ni a ó máa gba àyè tírélà. Bí ọjọ́ kan bá sì fẹ́ yẹ̀, ẹ ó gbọ́ lọ́jọ́ tí a bá mọ̀.
>
> Alákòóso ọ́fíìsì, Ìjọ́rà

Àwọn onímọ̀ ìlò èdè Blum-Kulka àti Olshtain (1984), nínú iṣẹ́ wọn lórí ìbéèrè àti ìtọrọ-àforíjì ní onírúurú èdè, ka ọ̀nà márùn-ún tí ẹ̀bẹ̀ ń gbà wáyé: ọ̀rọ̀ àforíjì gan-an, àlàyé ohun tó fà á, gbígba ẹ̀bi, ìdáǹfààní àtúnṣe, àti ìlérí pé kò ní tún ṣẹlẹ̀. Márààrún wà nínú ìwé kejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tò tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì fún òǹkàwé Yorùbá. Ẹ̀bi ló ṣáájú, nínú gbólóhùn kúkúrú. Àlàyé tẹ̀ lé e, ó sì jẹ́ àlàyé ohun tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe. Kò dárúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òun ló fa ti ọ̀tẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ àforíjì wá. Bí ẹ̀bẹ̀ bá ṣáájú ẹ̀bi, ẹni tí a ń bẹ̀ yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n ní kí òun forí jì.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ìwé náà kà. Àyè tírélà tó pẹ́ jẹ́ àṣìṣe iṣẹ́. Ìdákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ àṣìṣe sí ènìyàn, òun ló sì ná ìyá náà ní owó òtẹ́ẹ̀lì. Ìwé tó bá tọrọ àforíjì fún èkíní nìkan yóò fi èkejì sílẹ̀ bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀.

Kíka ọjọ́

Ibi tí ètò àtúnṣe ti sábà máa ń dàrú ni ìkàyé ọjọ́. Nínú ìkàyé àtijọ́ ti Yorùbá, ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí a ń kà. Ọjà ọrún tí a ná lónìí, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn òní ni a ó tún ná an, nítorí pé òní ni a kà ṣe èkíní. Ìtàdógún náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́tàdínlógún ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìkàyé ilé-ẹ̀kọ́ àti ti kàlẹ́ńdà kì í ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkàyé méjèèjì ló wà láàyè lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí ejẹ́ńtì bá kọ ọ́ ní Àbámẹ́ta pé ẹ̀rọ yóò dé ní “ọjọ́ mẹ́rin òní”, ẹni tó ka òní mọ́ ọn yóò dúró dè é ní Ìṣẹ́gun, ẹni tí kò kà á yóò retí rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Bákan náà ni ti owó. Bí ìlérí bá ṣẹ, kọ̀ǹtéénà ì bá ti jáde ní ọjọ́ 6. Ọjọ́ 10 ni yóò jáde báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin ni àfikún náà: 7, 8, 9 àti 10. Ẹni tó bá ka ọjọ́ 6 mọ́ ọn yóò bèèrè owó ọjọ́ márùn-ún, kò sì ní jẹ́ pé ó ń rẹ́ni jẹ. Ìdí nìyí tí ìwé kejì fi kọ orúkọ ọjọ́, nọ́ńbà rẹ̀ àti àròpọ̀ rẹ̀ papọ̀. “Láìpẹ́”, “lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” àti “lágbára Ọlọ́run” ní àyè tiwọn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ètò àtúnṣe, wọn kò fún oníbàárà ní ohun tó lè sọ fún ẹnjiníà rẹ̀.

Ìpè aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ náà tọ́ sí àkíyèsí. Gbèdéke ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlérí tuntun kò sì ní ìwúwo kan náà mọ́. Ohun tí ìpè náà ṣe ni pé ó gbé gbèdéke kékeré kan sáàárín, èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ ejẹ́ńtì pátápátá. Kò lè fi dandan mú kí èbúté tètè tú ọkọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tẹ fóònù. Ó tún sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ètò àkọ́kọ́ bá kùnà, kí ìkùnà kejì má baà tún bá ìyá náà lójijì.

Ààlà ẹ̀bẹ̀ inú ìwé

Ọ̀rọ̀ ẹnu ń fò lọ, ímeèlì ń dúró. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 84, gbà kí ilé-ẹjọ́ lo àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí ó bá pé àwọn òṣùwọ̀n tí òfin náà là sílẹ̀. Ẹ̀rù èyí máa ń mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ sá fún gbígba ẹ̀bi rárá, tí ìwé wọn fi ń dà bí ìmẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ yẹn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ̀bi ní ìwọ̀n. “Gbogbo àdánù tí ẹ bá ní, àwa ni” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní òpin, ó sì lè fa èrè oṣù kan tí ìyá náà ní òun pàdánù wọlé. “A kò gba àyè títí di Ọjọ́bọ̀, owó ọjọ́ mẹ́rin àti òru mẹ́ta di tiwa” jẹ́ òótọ́ tó ní ibi tó parí sí. Bí àdánù bá tóbi ju èyí lọ, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ímeèlì. Ìjókòó ojúkojú ni ó kàn, àti ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀.

Ààlà kejì wà nínú ẹ̀dà. Bí ìyá náà bá ti ń fi ẹ̀dà ímeèlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tọ́ kí ẹ̀bẹ̀ dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé náà pẹ̀lú, nítorí pé òun ni yóò ṣírò owó. Ṣùgbọ́n bí ejẹ́ńtì bá fi orúkọ àwọn tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà kún un, ó ti gbé ìtìjú oníbàárà àti tirẹ̀ jáde síta láìsí ìdí.

Èsì oníbàárà ni yóò fi hàn bí ìwé bá ṣiṣẹ́. Bí ó bá dáhùn pé “nígbà wo gan-an?” tàbí “ta ni yóò san án?”, ètò àtúnṣe kò tíì kún. Bí ó bá ní “ó dáa, mo ti gbọ́”, kí ejẹ́ńtì má rò pé ó ti dárí jì í. Ẹni tó gbọ́ ti gba ìròyìn, kò tíì fi ẹjọ́ sílẹ̀. “Ó ti tán” ni ọ̀rọ̀ ìdáríjì, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó wá kí ẹrù tó dé.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtúpalẹ̀ yìí fi hàn pé àìṣedéédéé tó wà nínú ímeèlì àkọ́kọ́ kò wá láti inú àìní ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ tí a yá lọ́wọ́ ìkíni ojúkojú ló gba ipò ẹ̀bi nínú ìwé. Èdè Yorùbá ní gbogbo ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílò: “ni” tó ń tọ́ka sí olùṣe, “mo” tó ń bẹ̀bẹ̀, “àforíjì” tó ń pe ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, àti àwọn orúkọ ọjọ́ tí kò ṣeé ṣì kà. Fún àwọn tí ń kọ́ni ní ìwé kíkọ fún iṣẹ́ ní èdè Yorùbá, ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ya ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́, nítorí pé ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.